Òpó Irin Kan Náà, Ẹrù Mẹ́rin Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Ẹni tó bá rìn yí ká Ìbàdàn, Abẹ́òkúta tàbí àwọn àdúgbò tuntun lẹ́yìn Èkó á rí i pé tánkì omi lórí sítáńdì irin ti wọ́pọ̀ bí igi ọ̀pẹ. Omi ẹ̀rọ ìjọba kì í dé, onílé gbẹ́ kànga ẹ̀rọ, ó sì di dandan kó gbé omi náà sókè kó tó lè ṣàn wọ balùwẹ̀ àti ilé ìdáná. Iṣẹ́ wẹ́dà bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Á ra páìpù mẹ́rin, á jó wọn mọ́ férémù lókè, á nà wọ́n ró, wọ́n á sì gbé tánkì gorí rẹ̀. Bí onílé bá ń ṣiyèméjì pé ṣé yóò gbé e, ìdáhùn tó sábà máa ń gbọ́ ni, "Bàbá, irin mà ni! Irin ò lè fọ́."

Òótọ́ ni wẹ́dà sọ. Ẹ jẹ́ ká mú páìpù oníínṣì 2, tí ògiri rẹ̀ nípọn ní milimítà 3.2. Kí ẹrù tó lè run irin inú páìpù kan ṣoṣo nínú irú èyí mọ́lẹ̀, ẹrù náà gbọ́dọ̀ tó nǹkan bí tọ́ọ̀nù 16. Omi tó kún tánkì lítà 3,000 ò ju tọ́ọ̀nù 3 lọ, ẹsẹ̀ mẹ́rin ló sì máa pín in gbé. Ẹni tó bá fi ìyẹn nìkan ṣírò á sùn fọnfọn. Síbẹ̀, bí páìpù mẹ́rin yẹn bá ga ní mítà 4, tí wọ́n kàn dúró gbọnrangandan láìsí irin kankan tó gbá wọn pọ̀ láàárín, wọ́n lè da tánkì náà bolẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n bá rọ omi kún un. Nígbà tí wọ́n bá wá yẹ irin náà wò, kò ní sí èyí tó fọ́. Wọ́n kàn yẹ̀ ni.

Ẹ fa ẹyọ ìgbálẹ̀ kan yọ. Bí ẹ bá di orí àti ìdí rẹ̀ mú, tí ẹ ń fà á, yóò pẹ́ kó tó já. Ẹ wá gbé e dúró lórí tábìlì, kí ẹ fi ìka kan tẹ orí rẹ̀. Fún ìgbà díẹ̀ kò ní ṣe nǹkan kan. Lẹ́yìn náà, lójijì, á yọ ikùn sí ẹ̀gbẹ́ kan, á sì dà bí ọrun tí ọdẹ fi ń ta ọfà. Ẹ gbé ìka kúrò, á nà padà bíi ti tẹ́lẹ̀. Kò sí ohun tó bàjẹ́ lára rẹ̀. Bí ẹ bá gé e sí méjì, tí ẹ tẹ ìdajì kan, agbára tí ẹ máa lò kó tó yẹ̀ á jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin ti àkọ́kọ́, kì í ṣe ìlọ́po méjì. Gígùn ni ọ̀tá òpó tẹ́ẹ́rẹ́, ìyà tó sì fi ń jẹ ẹ́ kì í ṣe kékeré.

Leonhard Euler ló kọ́kọ́ fi ìṣirò mú ọ̀rọ̀ yìí. Ọ́ílà ni wọ́n ń pe orúkọ náà. Ọmọ Básẹ̀lì ní Siwitsaláńdì ni, wọ́n bí i ní 1707. Ìlú Bẹ̀líìnì ló wà nígbà tí ìṣirò náà jáde ní 1744, nínú àfikún ìwé ńlá kan tó kọ lórí àwọn ìlà tó tẹ̀, ó sì tún padà sórí ọ̀rọ̀ agbára òpó nínú àpilẹ̀kọ kan tó jáde níbẹ̀. Òpó òkúta àti òpó igi ìdàgìrì ni àwọn mọlémọlé ìgbà náà ń lò, àwọn wọ̀nyẹn sì sanra débi pé wọn kì í sábà yẹ̀. Ìṣirò náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí eré ọwọ́ ọ̀mọ̀wé, títí irin fi dé, tí òpó wá di nǹkan tẹ́ẹ́rẹ́. Báyìí ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́ lónìí:

```
P = π² E I / (K L)²
```

P ni ẹrù tí òpó máa yẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. E jẹ́ líle irin, ìyẹn bó ṣe ń kọ̀ láti nà tàbí láti sún kì: fún irin, ó jẹ́ nǹkan bíi níútọ́ọ̀nù 200,000 lórí milimítà kan níbùú lóròó. I ń sọ bí irin inú òpó ṣe jìnnà sí àárín gbùngbùn rẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí páìpù oníhò fi ń borí ọ̀pá irin tó dì gbagidi tí ìwọ̀n wọn jẹ́ ọgbọọgba. L ni gígùn òpó náà látilẹ̀ dókè. Ẹ kíyè sí ohun tí kò sí níbẹ̀: agbára irin, ìyẹn iye tí èèyàn lè tẹ̀ ẹ́ kó tó run. Irin olówó gọbọi àti irin pọ́ọ́kú, E wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ẹni tó bá torí pé òpó rẹ̀ ga tó sì tẹ́ẹ́rẹ́ lọ ra irin tó lágbára jù ti sọ owó rẹ̀ nù, nítorí lábẹ́ ẹrù kan náà ni méjèèjì máa yẹ̀.

Ó wá ku K, ibẹ̀ sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí wà.

Ẹ padà sídìí ẹyọ ìgbálẹ̀. Nígbà tí ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́ lórí tábìlì, orí rẹ̀ ò lè lọ sọ́tùn-ún tàbí sósì nítorí ìka yín wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè yí bí ilẹ̀kùn ṣe ń yí lára hínjì. Bákan náà ni ìdí rẹ̀. Nígbà tó yẹ̀, ó ya ọrun kan ṣoṣo láti ìdí dé orí. Gígùn ọrun náà àti gígùn ẹyọ ìgbálẹ̀ dọ́gba. K di 1 nìyẹn. Àwọn ẹnjiníà ní orúkọ tiwọn fún K tí wọ́n fi sọ L di púpọ̀. Gígùn ọrun ni èmi á máa pè é, torí ohun tó jẹ́ gan-an nìyẹn: bí ọrun kan tó pé ṣe gùn tó nínú òpó tó yẹ̀.

Ẹ wá ki orí àti ìdí ẹyọ ìgbálẹ̀ mìíràn bọ inú ọṣẹ bọ́ọ̀lù méjì. Ọṣẹ ò ní jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ yí; gbọnrangandan ló gbọ́dọ̀ máa ti inú ọṣẹ jáde. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ báyìí, ẹ wo ìrísí rẹ̀ dáadáa. Nítòsí ọṣẹ ó tẹ̀ sí ọ̀nà kan, láàárín ó tẹ̀ sí òdìkejì. Níbi tí ìtẹ̀ náà ti ń yí padà, tó jẹ́ ìdá mẹ́rin sí òkè àti ìdá mẹ́rin sí ìsàlẹ̀, kò sí ìtẹ̀ kankan rárá. Ọrun tó wà láàárín àwọn ojú méjì yẹn, ìdajì gígùn òpó péré ni. K di 0.5. Nítorí pé gígùn ń pa agbára lọ́nà ìlọ́po ara rẹ̀, òpó tí ọrun rẹ̀ kúrú dé ìdajì á gbé ìlọ́po mẹ́rin ẹrù.

Bí ìdí nìkan bá wà nínú ọṣẹ, tí ìka sì wà lórí, K jẹ́ 0.7, ẹrù sì di nǹkan bí ìlọ́po méjì.

Ti ìkẹrin ló yẹ ká dúró lé lórí. Ẹ ki ìdí bọ inú ọṣẹ, kí ẹ wá fi ìṣù amọ̀ kékeré kan lé orí, kí ẹ sì gbé ọwọ́ kúrò. Kò sí ẹni tó di orí mú. Bí amọ̀ náà bá pọ̀ díẹ̀, ẹyọ ìgbálẹ̀ á tẹ̀ bí ẹni tó ń wo ilẹ̀. Ibo ni ọrun wà níbí? Ìdajì rẹ̀ nìkan lẹ rí. Bí ẹni pé ìdajì kejì wà lábẹ́ ilẹ̀, bí òjìji ìgi létí odò. Ọrun tó pé gùn ju òpó fúnra rẹ̀ lọ ní ìlọ́po méjì. K di 2, ẹrù sì wálẹ̀ sí ìdá mẹ́rin.

Ẹ jẹ́ ká fi páìpù wa dán an wò. Milimítà 60.3 ni ìbú rẹ̀ láti ẹ̀yìn dé ẹ̀yìn, I rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 235,000, tí a bá fi milimítà wọn gbogbo rẹ̀. Gíga rẹ̀ jẹ́ 4,000. Bí orí àti ìdí bá ń yí bíi hínjì, ìṣirò Ọ́ílà fún wa ní níútọ́ọ̀nù 29,000, ìyẹn ẹrù nǹkan bíi kìlógíráàmù 2,950. Bí ìdí bá mọ́lẹ̀ ṣinṣin, ó di 6,000. Bí orí àti ìdí bá mọ́ ṣinṣin, ó gun 11,800. Bí ìdí bá mọ́lẹ̀ ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni ò di orí mú, 740 péré. Páìpù kan náà ni, láti ṣọ́ọ̀bù kan náà, lówó kan náà. Láàárín èyí tó kéré jù àti èyí tó pọ̀ jù, ìlọ́po 16 ló wà, ohun tó sì fa ìyàtọ̀ náà ò sí nínú páìpù rárá.

Ẹ má wá lọ gbé 11,800 sórí páìpù kankan o. Nǹkan méjì ló wà níbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni pé òpó tẹ́ẹ́rẹ́ ni Ọ́ílà ń bá wí. Fún páìpù tiwa yìí, bí gígùn ọrun bá ti wá sísàlẹ̀ mítà 1.7 tàbí tó bá ti súnmọ́ ọn, irin fúnra rẹ̀ á ti bẹ̀rẹ̀ sí í run kó tó yẹ̀, ìṣirò náà á sì máa purọ́ ìgbéraga. Ìkejì ni pé ọṣẹ tó mú ṣinṣin pátápátá ò sí. Kọnkéré ìdí òpó máa ń yí díẹ̀ nínú ilẹ̀, pẹpẹ irin abẹ́ rẹ̀ máa ń tẹ̀, bóòtì máa ń nà. Ìdí nìyẹn tí ìwé ìlànà òpó irin ti Amẹ́ríkà fi ní kí àwọn ẹnjiníà lo 0.65 dípò 0.5, 0.8 dípò 0.7, àti 2.1 dípò 2. Ìlànà BS 5950 ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì, tí ọ̀pọ̀ ẹnjiníà Nàìjíríà fi kọ́ iṣẹ́, tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ: 0.7 àti 0.85 ló fún àwọn méjì àkọ́kọ́.

Ẹ wá jẹ́ ká padà sábẹ́ tánkì. Bí ẹ bá bi wẹ́dà tó mọ díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí, á ní, "Mo jó orí rẹ̀ mọ́ férémù, mo ri ìdí rẹ̀ mọ́ kọnkéré. Orí mọ́, ìdí mọ́." Ó túmọ̀ sí pé 0.5 ló wà lọ́kàn rẹ̀. Àṣìṣe tó ń wó sítáńdì nìyẹn gan-an. Ìbéèrè méjì ló wà lórí òpó kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe ọ̀kan: ṣé orí náà lè yí? Ṣé ó lè sún sí ẹ̀gbẹ́? Jíjó irin dí yíyí lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò dí sísún lọ́wọ́ rárá. Férémù, tánkì àti omi inú rẹ̀ lè fọwọ́ sowọ́ pọ̀ lọ sápá òsì bí èrò inú mọ́tò tó ń gba kọ́nà, kí gbogbo ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì tẹ̀ lé wọn.

Bí ìdí bá mọ́ ṣinṣin, tí férémù òkè sì le bí irin ọkọ̀ ojú irin, ó dára díẹ̀: K jẹ́ 1 nínú ìwé, 1.2 lórí ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí a sábà máa ń rí ni páìpù tí wọ́n jó mọ́ pẹpẹ irin kékeré, tí wọ́n gbé kalẹ̀ lórí kọnkéré láìsí bóòtì kankan. Ìdí yẹn ń yí. Bí òkè bá le gan-an, K di 2. Bí férémù òkè náà bá tún jẹ́ irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, K kọjá 2. Bí orí àti ìdí bá sì ń yí méjèèjì láìsí ohun tó dí sísún lọ́wọ́, kò sí ìṣirò kankan láti ṣe mọ́. Ó ti wó nìyẹn.

Ká ṣàánú onílé, ká fún un ní 2. Ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan á gbé 740, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á gbé 2,950. Ká ní tánkì òfìfo àti férémù jẹ́ kìlógíráàmù 200. Ó ku 2,750 fún omi. Tánkì lítà 3,000 ni wọ́n gbé síbẹ̀. Wọ́n tan ẹ̀rọ, omi ń gòkè. Ní lítà 1,000 kò sí nǹkan kan. Ní 2,000 ó ṣì dúró. Kó tó dé 2,750, ó yẹ̀. Afẹ́fẹ́ ò tíì fẹ́ o, ọmọ ò sì tíì gùn ún. Bó bá wá jẹ́ páìpù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ògiri rẹ̀ ò ju milimítà 1.5 lọ ni wẹ́dà rà, torí pé lójú òde méjèèjì jọra, I rẹ̀ á wálẹ̀ sí bí ìdajì, omi tó lè gbà kó tó yẹ̀ ò sì ní ju bí lítà 1,300 lọ.

Owó páìpù tó sanra ju èyí ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa sá lọ ná. Kò pọn dandan. Ẹ jó irin kan yí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ká ní mítà 2, kí ẹ sì wá jó irin láti igun ìsàlẹ̀ kan dé igun òkè ìdojúkọ rẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, nísàlẹ̀ àti lókè. Onígun mẹ́ta ò ṣeé tì wọ́ bí onígun mẹ́rin. Orí ò lè sún mọ́, àárín náà ò lè sún. Àní bí ìdí bá ṣì ń yí bíi hínjì, gígùn ọrun ti bọ́ láti mítà 8 sí mítà 2. Ìlọ́po 16 tá a rí lẹ́ẹ̀kan ti padà wá: 740 di 11,800 nínú ìṣirò Ọ́ílà. Bí a bá fi ìlànà òde òní dín in kù nítorí irin tó lè run, tí a sì tún yọ ti ààbò kúrò, ó ṣì ku ju 5,000 lọ fún ẹsẹ̀ kan ṣoṣo. Gbogbo tánkì lítà 3,000 yẹn, ẹsẹ̀ kan lè dá a gbé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe fi irin ìdábùú nìkan tẹ́ ara yín lọ́rùn. Mo máa ń rí sítáńdì tó dà bí àkàbà, irin ìdábùú mẹ́ta, mẹ́rin, tí kò sí ọ̀kan tó gba igun dé igun. Ó máa ń wu ojú, ó sì sàn ju òfo lọ, ṣùgbọ́n àkàbà tí ẹ bá tì sí ẹ̀gbẹ́ á wọ́.

Báwo lèèyàn ṣe lè mọ̀ kó tó ṣubú? Kò sí òpó tó tọ́ gan-an. Gbogbo rẹ̀ ló ní wíwọ́ díẹ̀ tàbí tó fì díẹ̀. Ẹrù á máa sọ wíwọ́ yẹn di ńlá. Nígbà tí ẹrù bá dé ìdajì èyí tí òpó máa yẹ̀ sí, wíwọ́ náà á di ìlọ́po méjì. Ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, ó di ìlọ́po mẹ́rin. Ní ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, ìlọ́po mẹ́wàá. Nítorí náà, ohun tó yẹ kí ojú máa wò kọ́ ni bí òpó ṣe wọ́ tó, bí kò ṣe bó ṣe ń yára wọ́ sí i. Ẹ so òkúta mọ́ okùn, ẹ fi rọ̀ láti etí férémù òkè dé ilẹ̀ nígbà tí tánkì ṣófo, kí ẹ sàmì síbi tó kàn. Ẹ rọ omi dé ìdajì, kí ẹ tún wò ó. Bó bá ti sún kúrò lójú àmì, ẹ má fi kún un mọ́.

Àwọn tó ń kọ́ afárá Kùìbẹ́ẹ̀kì lórí odò Saint Lawrence ní Kánádà rí irú àmì yìí. Ní oṣù Ògún ọdún 1907, wọ́n wọn irin ńlá kan nísàlẹ̀ afárá náà, A9L, wọ́n rí i pé ó wọ́ ní nǹkan bíi milimítà 19. Lọ́jọ́ 27 oṣù náà, wíwọ́ ọ̀hún ti di 57. Àwọn kan ní bẹ́ẹ̀ ló ṣe wá láti ilé iṣẹ́. Iṣẹ́ ń lọ, ẹrù ń gorí ẹrù. Wọ́n rán ẹnì kan lọ bá Theodore Cooper, àgbà ẹnjiníà tó ń mójú tó iṣẹ́ náà láti Níú Yọ́ọ̀kì. Ó tẹ wáyà pé kí wọ́n má ṣe gbé ẹrù kankan lé e mọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ò dé ẹnu iṣẹ́ lásìkò. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ 29, afárá náà wó. Nínú àwọn òṣìṣẹ́ 86 tó wà lórí rẹ̀, 75 kú. Ọ̀rọ̀ orí àti ìdí kọ́ ló pa A9L, àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó yẹ kó so àwọn apá rẹ̀ pọ̀ di ọ̀kan ni kò lágbára tó. Ṣùgbọ́n láti 19 dé 57, ó ti sọ̀rọ̀.

Bí tánkì bá wà lágbàlá yín, ẹ jáde lọ wo abẹ́ rẹ̀ lónìí. Ẹ wá irin tó gba igun kan dé igun kejì, ẹ sì wo ìdí páìpù bóyá bóòtì wà níbẹ̀. Bí ẹ ò bá rí méjèèjì, ẹ jẹ́ kí omi rẹ̀ wálẹ̀ sísàlẹ̀ ìdajì, kí ẹ kó àwọn ọmọ tó ń ṣeré níbẹ̀ kúrò, kí ẹ sì pe wẹ́dà.